"Ṣé ó ń mí?": Irú ìbéèrè wo ló ń mú òótọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ń kánjú?

Bí ọkàn ènìyàn bá dédé dákẹ́ nínú ilé, dókítà kọ́ ló máa kọ́kọ́ débẹ̀. Ará ilé ló wà nítòsí, fóònù á wà létí rẹ̀, òṣìṣẹ́ pàjáwìrì tí kò rí aláìsàn rárá á sì máa bi í ní ìbéèrè. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí ẹni tó ń tẹ àyà aláìsàn náà ń gé nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú àǹfààní tó ní láti yè. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì fi ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ọ̀rọ̀ kan: báwo la ṣe ń bi ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ á fi yá, tí á sì tún jẹ́ òótọ́?

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè àlàyé, irú bíi "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ẹni tí a bi ló máa fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáhùn. Èkejì ni ìbéèrè àṣàyàn, irú bíi "Ṣé wọ́n lajú ni àbí wọ́n dijú?" Ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè, kí ó mú ọ̀kan ló kù. Ìbéèrè "bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́" náà wà lára àṣàyàn, nítorí ìdáhùn méjì péré ló gbà.

Ní kúkúrú, ẹni tó ń kánjú máa ń tètè dáhùn ìbéèrè àṣàyàn ju ìbéèrè àlàyé lọ. Àmọ́ ìdáhùn tó yá lè jẹ́ irọ́ tí ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀ pé irọ́ ni.

Ohun tí àṣàyàn ń ṣe sí ìdáhùn

Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Pew bi àwọn olùdìbò léèrè ọ̀rọ̀ tó jẹ wọ́n lógún jù nígbà tí wọ́n ń dìbò. Wọ́n fún àwọn kan ní ọ̀rọ̀ márùn-ún kí wọ́n mú ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù sọ tinú wọn. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní àṣàyàn, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún mú ọrọ̀ ajé. Nínú àwọn tó sọ tinú wọn, ìdá 35 péré ló dárúkọ rẹ̀. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé ìdá 43 nínú àwọn tó sọ tinú wọn ló mẹ́nu ba ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdá 8 péré ló jáde kúrò nínú àṣàyàn nígbà tí wọ́n gbé e síwájú wọn.

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe ló yàtọ̀. Kéèyàn wá ọ̀rọ̀ jáde látinú ìrántí le ju kó dá ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Herbert Simon ti ṣàlàyé ní ọdún 1956 pé ọmọ ènìyàn kì í sábà wá èyí tó dára jù. Bó bá ti rí èyí tó tó, á dúró níbẹ̀. Ní ọdún 1991, Jon Krosnick fi hàn pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè ìwádìí: bí ìbéèrè bá le, tàbí bí wọn kò bá ráyè, wọ́n á mú ìdáhùn tó bá ṣáà ti bójú mu. Bó bá jẹ́ orí ìwé ni, èyí tó wà lókè ni wọ́n sábà máa ń mú. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni a kà á sí wọn létí, bíi lórí fóònù, èyí tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn ni.

Ìbéèrè àlàyé ló ń ṣíwájú

Jeff Clawson, dókítà kan ní Salt Lake City, ni ó kọ ìlànà ìbéèrè fún àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ìlànà náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè báyìí. Lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá ti gba àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣàyàn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí olùpè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún òun.

Ìdí rẹ̀ ni pé olùpè mọ ohun tí òṣìṣẹ́ kò lè ronú kàn. Bí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé àìsàn ni àbí ìjàǹbá?", ọmọ tí iná mànàmáná gbé ìyá rẹ̀ lè dáhùn pé "ìjàǹbá", kó má sì sọ pé wáyà ṣì wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án tún lè kú. Ìbéèrè àlàyé kan ṣoṣo á ti mú ọ̀rọ̀ iná jáde lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè àlàyé lè gùn lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà wà láti gé e kúrú. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Curtin ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, tẹ́tí sí ìpè tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ nípa àwọn tí ọkàn wọn dákẹ́. Wọ́n rí i pé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá béèrè bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tó ti kọjá, olùpè sábà máa ń ro ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, ìdáhùn máa ń kúrú. Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá lè fi èyí ṣọgbọ́n: "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" á mú kí olùpè bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n "Kí ló ń ṣe wọ́n báyìí?" á mú un wá sí orí aláìsàn.

Ibi tí "bẹ́ẹ̀ni" ti ń pani

Lẹ́yìn ìbéèrè àlàyé ni àṣàyàn ń wọlé, ìbéèrè méjì péré ló sì ṣe kókó: ṣé aláìsàn ń dáhùn bí wọ́n bá pè é, ṣé ó sì ń mí bó ṣe yẹ? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀kọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ láìjáfara.

Ìbéèrè kejì yìí ló ti tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ. Bí ọkàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́, ara lè ṣì máa já èémí mélòó kan gbà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹnu á là bíi ti ẹja tí wọ́n gbé kúrò lómi, ohùn bíi ìhanrun á jáde, á dákẹ́ pẹ́, á tún là. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1992 rí irú èémí bẹ́ẹ̀ lára nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọkàn wọn dákẹ́ níta ilé ìwòsàn. Èémí yìí kì í gbé afẹ́fẹ́ tó tó wọlé, ẹ̀jẹ̀ kò sì rìn mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ aláìsàn pé "Ṣé wọ́n ń mí?", kí ló máa sọ? Ó rí i pé ẹnu ń là, ó sì ń fẹ́ kí bàbá òun wà láàyè. Bẹ́ẹ̀ni ló máa sọ. Òṣìṣẹ́ á gbà pé dídákú lásán ni, wọn kò ní tẹ àyà, àkókò á sì lọ.

Fífi "dáadáa" kún ìbéèrè náà ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kò tán ìṣòro, nítorí olùpè la ṣì sọ di adájọ́. Ojútùú tí àwọn òṣìṣẹ́ rí ni pé kí wọ́n má bi í ní èrò rẹ̀ mọ́. Kí ó ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó pé obìnrin kan ní Èkó tẹ 112, nítorí bàbá rẹ̀ ṣubú ní pálọ̀. Ó ti sọ ibi tí wọ́n wà.

"Kí ló ń ṣe wọ́n báyìí?"

"Wọ́n jókòó ni o, wọ́n kàn ṣubú. Mo ń pè wọ́n, wọn ò dáhùn!"

"Ẹ gbọn èjìká wọn, ẹ pè wọ́n sókè. Ṣé wọ́n lajú ni àbí wọ́n ṣì dijú?"

"Wọ́n ṣì dijú."

"Ṣé wọ́n ń mí bí wọ́n ṣe máa ń mí, àbí mímí náà yàtọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Wọ́n ń mí, ṣùgbọ́n… ó dà bíi pé wọ́n ń hanrun."

"Ẹ wo àyà wọn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fa èémí, ẹ ní 'báyìí'."

"Báyìí."

Òṣìṣẹ́ ń wo aago. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 kọjá.

"Báyìí."

"Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà wọn, ẹ gbé ìkejì lé e. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó yára. Ẹ jẹ́ ká jọ máa kà á."

Ohun tí wọ́n máa jọ kà ni ìtẹ̀ 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí àyà àgbàlagbà sì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán. Bí ọkàn bá tilẹ̀ ṣì ń lù, ewu tó wà nínú títẹ àyà náà kéré gan-an sí ewu kéèyàn má tẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ìdáhùn ti yà kúrò lọ́nà

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìpè yẹn tó yẹ ká tún wò: "Wọ́n ń mí, ṣùgbọ́n…" Nígbà tí ẹni tó ń kánjú bá mú àṣàyàn kan, tó sì tún ń fa ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, ohun tó rí kò bá àwọn ìdáhùn tí a fún un mu nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó bá kọ "bẹ́ẹ̀ni" sílẹ̀ tó sì kọjá lọ ti sọ òótọ́ nù. Ibẹ̀ ló yẹ kó padà sí ìbéèrè àlàyé, kó ní kí olùpè sọ ohun tó ń rí.

Àṣìṣe kejì ni dída ìbéèrè méjì pọ̀. "Ṣé wọ́n lajú, wọ́n sì ń mí?" lè gba bẹ́ẹ̀ni kan, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èwo ló dáhùn. Ẹ̀kẹta ni kí àṣàyàn pọ̀ jù létí, débi pé èyí tó gbẹ̀yìn ni olùpè á kàn mú. Méjì tàbí mẹ́ta tó. Ó sì yẹ kí "mi ò mọ̀" wà lára wọn, nítorí olùpè lè wà ní yàrá mìíràn, tàbí kó máa pe fún ẹni tó wà ní òdìkejì títì. Bí a kò bá fún un láyè láti sọ pé òun kò rí aláìsàn, á méfò, ìméfò náà á sì dà bí òótọ́.

Nítorí náà, kò sí èyí tó borí èkejì nínú gbogbo nǹkan. Bí a kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àlàyé kan tó kúrú ló ń gba àkókò là, nítorí kò sí àṣàyàn tó lè kó gbogbo ohun tó ṣeé ṣe pọ̀. Bí a bá ti mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà, àṣàyàn ló yá jù, bó bá ṣáà ti jẹ́ ohun tí ojú lè rí ni a béèrè. Bó bá sì jẹ́ ohun tó gba ìmọ̀ kí a tó dá a lẹ́jọ́, kí a má ṣe fi ẹjọ́ náà lé olùpè lọ́wọ́. Kó ròyìn, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájọ́.

Ìwọ̀nyí náà ló yẹ kí olùpè múra sílẹ̀ láti sọ: ibi tó wà, ohun tó ń ṣe aláìsàn báyìí, bóyá ó ń dáhùn bí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n, àti bí mímí rẹ̀ ṣe rí. Bí mímí náà bá ń gé, tó ń hanrun, tó sì ń dákẹ́ pẹ́, kó má ṣe sọ pé "ó ń mí" kó dúró síbẹ̀. Kó sọ bó ṣe rí gan-an.