Owó Tó Dúró sí Níú Yọ́ọ̀kì

Ká sọ pé ìyá kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi dọ́là 4,200 ránṣẹ́ sí àkáǹtì dọ́là ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn. Báǹkì yọ owó náà lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ẹtì dé, kò sí ohun tó wọlé. Ọmọ lọ sí báǹkì n'Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ìyá pe ti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní owó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Báǹkì méjèèjì ò parọ́. Ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta ni owó wà.

Dọ́là kì í ti Lọ́ńdọ̀nù bọ́ sí Ìbàdàn ní tààrà. Báǹkì ti Lọ́ńdọ̀nù ní àkáǹtì dọ́là lọ́dọ̀ báǹkì ńlá kan ní Níú Yọ́ọ̀kì, báǹkì ti Nàìjíríà náà sì ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń rìn ni ìwé àṣẹ, tó ń gba orí ẹ̀rọ SWIFT kọjá. SWIFT, ẹgbẹ́ tí àwọn báǹkì dá sílẹ̀ ní 1973, kì í tọ́jú owó ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló ń jẹ́. Báǹkì agbedeméjì ní Níú Yọ́ọ̀kì ló máa ka ìwé yẹn, tí yóò yọ owó nínú àkáǹtì ti Lọ́ńdọ̀nù, tí yóò sì sọ ọ́ sínú ti Nàìjíríà.

Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ á fi orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ àti ti ẹni tó máa gbà á wé orúkọ àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de. Orúkọ tó wọ́pọ̀, bíi Músá tàbí Ìbíráhímù, tí wọ́n kọ láìsí orúkọ kejì tó pé tàbí àdírẹ́sì, lè jọ ti ẹlòmíràn nínú àkójọ náà. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ wò ó. Tí ohun tó wà nínú ìwé kò bá tó o, á bi báǹkì tó fi ìwé náà ránṣẹ́ ní ìbéèrè, á sì dá owó dúró títí èsì yóò fi dé. Mo gbà pé ibi tí ọjọ́ ti ń ṣòfò jù nìyí, nítorí ìbéèrè náà lè wà nílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ìyá má sì mọ̀ rárá.

Nọ́ḿbà kan ló lè tú u. Láti oṣù Kọkànlá 2018, SWIFT ti sọ ọ́ di dandan pé kí irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní àmì kan tí kò ní yí padà láti ọwọ́ báǹkì kan sí òmíràn. UETR ni wọ́n ń pè é. Báyìí ló ṣe máa ń rí:

```
3f8a61d2-7c04-4b9e-a15d-902e6fc3b874
```

Lẹ́tà àti nọ́ḿbà 36 ni, tí a bá ka àwọn ìlà kékeré àárín mọ́ ọn. 4 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀rí kẹta rẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣì í kọ. Ẹ má ṣe fi nọ́ḿbà tó wà lórí rísíìtì rọ́pò rẹ̀. Ti rísíìtì sábà máa ń kúrú, báǹkì tó fún yín nìkan ló sì lè mọ̀ ọ́n, torí báǹkì tó kàn lè kọ tirẹ̀. Kí ìyá béèrè ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà, kó wo ibi tí wọ́n kọ UETR sí. Tó bá jẹ́ MT103 ni wọ́n tẹ̀ fún un, iwájú 121 ló wà.

Báǹkì ti Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kó wá owó náà, nítorí báǹkì agbedeméjì kì í dá ẹni tí kì í ṣe oníbàárà rẹ̀ lóhùn. Òṣìṣẹ́ á tẹ UETR sórí ẹ̀rọ, á sì rí wákàtí tí báǹkì kọ̀ọ̀kan gba ìwé àti ìgbà tó tì í síwájú. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, Níú Yọ́ọ̀kì ti gbà á lọ́jọ́ Ajé, kò sì tíì fi ránṣẹ́. Ibẹ̀ ló wà nìyẹn. Ìbéèrè tó kàn ni pé: ṣé Níú Yọ́ọ̀kì ti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín? Wọ́n wò ó, wọ́n rí i: orúkọ ọmọ náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, àti ohun tí owó wà fún. Kí ìyá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó fi iye owó hàn. "Ìrànwọ́ ẹbí" nìkan lè tún bí ìbéèrè mìíràn.

Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ó lè jẹ́ 4,175 ló máa dé Ìbàdàn. Tí wọ́n bá kọ SHA síbi owó iṣẹ́, báǹkì agbedeméjì lè yọ tirẹ̀ nínú owó náà. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń retí 4,200 gééré, OUR ló yẹ kí ìyá yàn, kó sì san owó iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ á fi ACCC hàn, èyí tó túmọ̀ sí pé owó ti wọ àkáǹtì olùgbà, síbẹ̀ ọmọ ò rí i. Ìgbà yẹn ni kí ó mú UETR lọ bá báǹkì tirẹ̀, kí wọ́n wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tó bá jẹ́ RJCT ni, wọ́n ti kọ̀ ọ́, owó sì ń padà bọ̀. Ó lè dín díẹ̀ kó tó délé.

Kí ìyá má tètè ní kí wọ́n dá owó padà nígbà tí ìbéèrè ṣì wà nílẹ̀. Báǹkì tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa pinnu bóyá ó lè dá a padà. Tí owó bá sì ti wọ àkáǹtì ọmọ, wọ́n sábà máa ń gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ náà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.