Sẹ̀ǹtímítà Mẹ́rin ní Apá Òsì

Ẹni tó ń di ìwé kì í ka ohun tó wà nínú àpilẹ̀kọ oyè. Etí ewé ní apá òsì ló ń wò. Ibẹ̀ ni yóò ti lu ihò, tí yóò fi òwú rán gbogbo ewé pọ̀ kó tó fi páálí líle bò ó. Tó bá ti rán an tán, bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ewé kọ̀ọ̀kan ti wọ inú ìdìpọ̀ nìyẹn, ojú ò ní rí i mọ́. Ìwé tí wọ́n fi òwú rán ní ẹ̀gbẹ́ báyìí kì í tẹ́ pẹrẹsẹ téèyàn bá ṣí i. Ńṣe ni ewé máa ń tẹ̀ kọrọdọ níbi òwú, ọ̀rọ̀ tó bá sì sún mọ́ ibẹ̀ á di ohun tí òǹkàwé ń fi ọwọ́ ya ìwé kó tó rí.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń béèrè máájìnì tó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, tàbí íǹṣì kan àbọ̀, ní apá òsì, tí apá mẹ́ta yòókù á sì kéré sí i. Ìlànà BS 4821 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1990 náà fi mìlímítà 40 sí apá tí wọn yóò ti di ìwé.

Lójú akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ iṣẹ́ rẹ̀ tán, ohun kékeré ni: ká ṣáà yí nọ́ńbà kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan yẹn ló ń ti gbogbo ohun tó wà lójú ewé kúrò níbi tó wà. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó fi èdè Yorùbá kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó lò wà lórí ìwọ̀n ìwé ti Amẹ́ríkà tí Word ń pè ní Letter. Mìlímítà 216 ni ìwé yẹn fẹ̀, máájìnì rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì kan yíká, nítorí náà ìlà ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn tó mìlímítà 165. Yunifásítì rẹ̀ fẹ́ A4, tó fẹ̀ ní mìlímítà 210, kí apá òsì jẹ́ 40, kí apá mẹ́ta yòókù jẹ́ 25. Tí a bá yọ 40 àti 25 kúrò nínú 210, ó ku 145. Sẹ̀ǹtímítà méjì ti dín lára gbogbo ìlà. Àwọn gbólóhùn á tún ara wọn tò, ṣùgbọ́n tábìlì tó fẹ̀ ní 160 ò ní súnkì fúnra rẹ̀. Yóò yọ síta ní apá ọ̀tún, ibẹ̀ sì ni ọ̀bẹ ẹni tó ń di ìwé ti ń gé etí ewé kó lè dọ́gba.

Ìwé àti máájìnì ló yẹ kó kọ́kọ́ yí, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ní Layout, yóò mú A4 lábẹ́ Size, kó wá lọ sí Margins, kó ṣí Custom Margins. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni Apply to wà. Tó bá jẹ́ This section ló wà níbẹ̀, orí kan ṣoṣo ló máa yí, àwọn orí yòókù á wà bí wọ́n ṣe wà, kò sì ní mọ̀ títí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Whole document ló gbọ́dọ̀ mú. Ohun mìíràn tó wà lójú kan náà ni Gutter. Àfikún fún ìdìpọ̀ ni, Word sì máa ń rò ó mọ́ Left. Ẹni tó bá kọ 4 cm sí Left, tó tún kọ 1.5 cm sí Gutter, ti ní márùn-ún àbọ̀ nìyẹn, yóò sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ sá lọ sí apá ọ̀tún ewé. Nínú méjèèjì, ẹyọ kan ni kí a lò: 4 cm pẹ̀lú Gutter òfo, tàbí 2.5 cm pẹ̀lú Gutter 1.5 cm. Tó bá jẹ́ pé ojú ewé méjèèjì ni wọn yóò tẹ̀, Mirror margins ló yẹ, torí pé lẹ́yìn ewé, apá ọ̀tún ni òwú máa ń bọ́ sí.

Àlàfo àárín ìlà ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti ń rí àríyànjiyàn jù. Yunifásítì ní kí àlàfo jẹ́ ìlọ́po méjì, Times New Roman, ìwọ̀n 12. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìlọ́po méjì 12 ni 24. Àmọ́ ohun tí Word ń sọ di méjì ni gíga ìlà tí fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ ní. Ti Times New Roman tó bá jẹ́ 12 sún mọ́ 13.8, nítorí náà Double rẹ̀ tó bíi 27.6. Lójú ewé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa, ìlà 25 ni Double máa gbà. Ẹni tó bá lo Exactly 24 pt yóò kó ìlà 29 síbẹ̀, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti há jù. Exactly tún ní ewu méjì. Àwòrán tó bá wà nínú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gé, tí a ò fi ní rí ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ lára rẹ̀. Tí a bá dá ìpínrọ̀ àwòrán yẹn padà sí Single, yóò yọ jáde. Èkejì kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an: nínú àyọlò tí wọ́n fún ní Exactly 12 pt, orí àmì ohùn tó wà lórí lẹ́tà ńlá, bíi Ẹ̀ tàbí Ọ́, lè gé dànù.

Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì pàápàá gba sùúrù. Kì í ṣe gbogbo fọ́ǹtì ló lè gbé àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lórí lẹ́tà kan náà. Tí fọ́ǹtì ò bá ní lẹ́tà kan, Word á yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé ọ̀ kan á sanra ju èkejì lọ, tàbí kí àlàfo ìlà kan fẹ̀ ju ti èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó burú jù ni iṣẹ́ tí wọ́n fi àwọn fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ tẹ̀, àwọn tó fi àwòrán ẹ tàbí ọ pamọ́ sábẹ́ àmì mìíràn. Bí wọ́n bá ti yí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí Times New Roman, àmì yẹn gan-an ló máa fojú hàn, a fi kí wọ́n wá ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Doulos SIL jọ Times New Roman, ó ń gbé àmì wa dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n kò ní lẹ́tà dúdú kíkì tirẹ̀, ìlà rẹ̀ sì ga jù. Charis SIL ní ti dúdú kíkì àti ti ìdagun. Kí a tó lo èyíkéyìí nínú wọn, ó yẹ ká gba àṣẹ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lórí ìwé.

Nínú Styles ni kí ó ti ṣe gbogbo àtúnṣe yìí, lórí Normal àti Heading 1, kì í ṣe kó máa fi ọwọ́ kun ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi Enter ti orí tuntun dé ojú ewé mìíràn yóò rí i pé orí náà ti bọ́ sí àárín ewé lẹ́yìn àtúnṣe. Ctrl+Enter ni kó fi rọ́pò àwọn Enter wọ̀nyẹn.

Ó wá ku àwọn tábìlì. Èyí tó fẹ̀ ní 160 yẹn lè wọ inú 145 tí a bá mú AutoFit Window. Èyí tó bá ní òpó púpọ̀ jù ni a máa ń gbé sórí ewé tí a dà sí ìbú, pẹ̀lú Section Break ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀, òkè tábìlì ló ń kọjú sí ìdìpọ̀. Nítorí náà òkè ló yẹ kó ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, kì í ṣe òsì. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, òwú á sì gba inú àkọlé tábìlì wọn kọjá.

Nọ́ńbà ojú ewé ti yí báyìí, torí náà ìgbà yìí ló tó yẹ kó tẹ Ctrl+A, kó tẹ F9, kí àtòjọ àkóónú lè bá ojú ewé mu. Lẹ́yìn náà ni kó sọ ọ́ di PDF, kó sì tẹ ewé kan péré. Kó rí i pé Actual size ló mú, kì í ṣe Fit, tó máa ń fún ewé pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kó wá fi rúlà wọn ìlà tó kún dé etí méjèèjì. Tó bá jẹ́ 145, tí òsì sì jẹ́ 40, kó tẹ ìyókù.