Nígbà Tí Etí Táyà Bá Kọ̀ Tí Kò Jókòó

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, aládùúgbò mi kan tẹ́ táyà sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé rẹ̀. Táyà tòkunbọ̀ ni, 205/60R16 ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ti fi irin gbọọrọ méjì ti táyà náà wọ ríìmù fúnra rẹ̀, ó sì ti so páǹpù kékeré tó ń lo iná bátìrì mọ́tò mọ́ ọn. Páǹpù ń kùn, táyà ò wú. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń gba fáàfù wọlé ló ń gba àárín táyà àti ríìmù jáde. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti gbé agolo oògùn ẹ̀fọn jáde látinú ilé, ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó ní òun ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á fọ́n oògùn náà sínú táyà, wọ́n á ṣáná sí i, táyà á sì bú gbàmù wọ àyè rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì ṣáná sí i,” ni mo wí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbà fún mi. A gbé táyà àti ríìmù sínú búùtù, ó di ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ táyà.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí a ń pè ní etí táyà, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ dá lé. Tí ẹ bá fọwọ́ kan táyà níbi tó ti pàdé ríìmù, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ le ju ibòmíràn lọ. Wáyà irin ni wọ́n ká bí òrùka, tí wọ́n sì fi rọ́bà bò. Òrùka yìí kì í fẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fẹ̀, nítorí òun ló di táyà mú kí ó má bọ́ kúrò lára ríìmù nígbà tí mọ́tò bá ń sáré. Báwo wá ni òrùka tí kò fẹ̀ ṣe ń wọ ríìmù tó fẹ̀ jù ú lọ? Kòtò kan wà láàárín ríìmù. Wọ́n á ju apá kan etí táyà sínú kòtò yẹn, èyí á jẹ́ kí apá kejì rí àyè kọjá. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ ni yóò ti etí méjèèjì jáde kúrò nínú kòtò. Wọn á gun òkè kékeré kan tó dà gẹ̀rẹ́, wọn á fo gegele tó wà létí rẹ̀, wọn á sì jókòó pinpin mọ́ ògiri ríìmù. Fífò yẹn ni ẹ máa ń gbọ́ tó ń dún “pó!”, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kejì.

Agbára tó ń ti etí gun òkè yìí kì í ṣe kékeré. Tí fọkanáísà bá ní géèjì dé 40, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ń fi ìwọ̀n pọ́n-ùn 40 ti gbogbo ibi tó bá fẹ̀ ní ínṣì kan tó sì gùn ní ínṣì kan nínú táyà. Ẹ̀gbẹ́ kan táyà aládùúgbò mi, láti ibi tó ti pàdé ríìmù títí dé ibi tó ń tẹ ilẹ̀, ó tó nǹkan bí 300 irú àyè bẹ́ẹ̀. 300 lọ́nà 40 jẹ́ 12,000 pọ́n-ùn, èyí tó lé ní tọ́ọ̀nù 5. Ẹ ro mọ́tò Kòróólà mẹ́rin tí a tò lé ara wọn lórí ẹ̀gbẹ́ táyà kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ sì dà bí ọrun tí a ti fà: títí di ìgbà tí ohun tó dì í mú bá já, ó kàn dákẹ́ ni.

Ohun tó ń dì í mú náà ni wáyà inú etí. Bí etí kan bá fò jókòó, tí èkejì sì há sọ́nà, yálà nítorí pé rọ́bà gbẹ, tàbí pé ìpẹtà wà lára ríìmù, ẹni tó ń pọ́ǹpù máa ń rò pé afẹ́fẹ́ ni kò tíì tó. Yóò gbé e dé 45, yóò gbé e dé 50. Gbogbo ẹrù yẹn á wá bọ́ sórí ibì kan ṣoṣo lára wáyà tó há. Tí wáyà bá já níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á ṣí lójijì, ríìmù àti táyà á sì ta sókè bí òkò. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe táyà fi fi òpin sí i: fún táyà mọ́tò kékeré, wọn kì í kọjá 40 nígbà tí etí kò tíì jókòó. Bó bá dé 40 tí kò fò, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ náà dà nù, kí ẹ wá ohun tó ń dí i.

Ẹjọ́ kan wà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Tẹ́ksáàsì, ní Amẹ́ríkà, dá ní ọdún 1998, tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Mẹkáníìkì kan ń wọ táyà ínṣì 16 sórí ríìmù ínṣì 16.5. Ààbọ̀ ínṣì ni ìyàtọ̀ wọn, ojú lásán kò sì lè rí i. Táyà náà wọlé, nítorí kòtò àárín ríìmù gbà á láyè. Ṣùgbọ́n òrùka tó jẹ́ 16 kò lè jókòó lórí ohun tó jẹ́ 16.5 láéláé, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Bó ṣe ń pọ́ǹpù, ó tẹ̀ síwájú lórí táyà náà, wáyà etí já, táyà bú lù ú, ó sì ṣe é léṣe tí kò ṣeé wò sàn tán. Ìkìlọ̀ wà lára táyà yẹn o, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, àwòrán ẹni tí táyà ń gbé fò sókè sì wà níbẹ̀. Ìkìlọ̀ náà ní kí ẹnikẹ́ni má wọ 16 sórí 16.5, kí wọ́n má pọ́ǹpù táyà tó wà nílẹ̀ gbalaja, kí wọ́n lo rọ́bà afẹ́fẹ́ gígùn tó ní géèjì, kí wọ́n má sì tẹ̀ lé e lórí tàbí kí wọ́n na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ dá ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà náà lẹ́bi. Wọ́n ní wáyà etí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ wà tí wọn ìbá ti lò, àti pé ìkìlọ̀ nìkan kò tó níbi tí ọ̀nà ààbò tó dára jù bá wà. Èmi gbà pẹ̀lú ilé ẹjọ́ yẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè gbàgbé ìwé tó kà. Ọwọ́ tó nà sórí táyà kì í rántí ohun tí ojú kà lánàá.

Ẹ wo ti aládùúgbò mi nísinsìnyí. Orí sìmẹ́ńtì ni táyà wà, kò sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀. Rọ́bà páǹpù rẹ̀ kò gùn tó apá méjì, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ lé táyà lórí kí ó tó lè ka géèjì. Iná ló wá fẹ́ fi kún un. Iná máa ń ti etí jáde lóòótọ́, torí atẹ́gùn gbígbóná ń fẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí iná dúró ní 40. Bí oògùn bá pọ̀ jù díẹ̀, agbára rẹ̀ á ti kọjá ohun tí wáyà lè gbà kí ojú tó rí i. Awọ rọ́bà tín-ín-rín tó wà nínú táyà, tí í máa ń gba afẹ́fẹ́ dúró, lè jó láìsí ẹni tó mọ̀. Bí kì í bá sì í ṣe gbogbo oògùn ló jó, èéfín rẹ̀ á ṣẹ́kù síbẹ̀. Ẹ tún fi páǹpù gbé afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, ohun tó lè gbiná náà nìyẹn. Bí wẹ́dà bá wá gbé iná sí ríìmù náà lọ́jọ́ iwájú láìtú táyà kúrò, àdó olóró ló ń jó.

Lọ́dọ̀ fọkanáísà, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe kò ní ẹ̀rọ kankan nínú. Ó ka 16 lára táyà, ó yí ríìmù padà, ó ka 16 lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìpẹtà ibi tí etí máa ń jókòó, ó sì fi ọṣẹ táyà pa etí méjèèjì. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún un ni, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, torí ọ́ìlì ń jẹ rọ́bà, kì í sì í gbẹ, táyà á máa yí lórí ríìmù. Ọṣẹ ló ń jẹ́ kí etí yọ̀ gun òkè náà pẹ̀lú agbára kékeré. Ọ̀pọ̀ táyà tó há, ọṣẹ ni wọ́n ń fẹ́, wọn kò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ló gbé e sórí ẹ̀rọ. Èékánná irin mẹ́rin di ríìmù mú ṣinṣin, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ fò, ohun tó ń dì í wà. Ó yọ píìnì inú fáàfù kúrò kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ lè fẹ̀. Ó wá gbé àgbá irin kékeré kan tó ti kún fún afẹ́fẹ́, tó ní ẹnu gbàràgàdà, ó gbé ẹnu rẹ̀ sí àárín etí àti ríìmù, ó sì ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí páǹpù kékeré nìyí: páǹpù ń mú afẹ́fẹ́ wá díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jò bó ṣe ń wọlé. Àgbá náà da ọ̀pọ̀ afẹ́fẹ́ sínú táyà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kíá ni etí ti dí ojú àlàfo. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni, àmọ́ agbára tó kù nínú táyà kéré. Ohun tí iná ń ṣe ni àgbá ń ṣe, láìsí iná. Láti ibẹ̀, rọ́bà gígùn tó lè di fáàfù mú fúnra rẹ̀ ló kù. Fọkanáísà dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, jìnnà sí ojú ọ̀nà tí táyà lè gbà fò, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì, ó sì ń wo géèjì. Fún táyà ọkọ̀ ẹrù, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì, inú àgò irin ni wọ́n ń gbé e sí. Òfin ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé àgò náà gbọ́dọ̀ lè gba ìlọ́po kan ààbọ̀ agbára tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n kọ sí táyà.

Etí òkè fò ní 22. Géèjì ń lọ, 28, 33, 38. Etí ìsàlẹ̀ kò fò. Ní 40, fọkanáísà gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀.

“Ẹ fi kún un díẹ̀ sí i,” ni aládùúgbò mi wí.

“Rárá o, bàbá. Mo fẹ́ wo etí yẹn ná.”

Ó bọ́ táyà kúrò. Ó fi ọwọ́ tọ etí ìsàlẹ̀ yí po, ó dúró níbì kan, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ tẹ̀ wọ inú, bí ẹni pé wọ́n fi eyín ge é. Irin gbọọrọ tí aládùúgbò mi fi ti táyà wọlé ni, nígbà tó ń fi agbára yí i láìjẹ́ pé apá kejì wà nínú kòtò. Fọkanáísà mú ọ̀bẹ, ó la rọ́bà ibẹ̀. Okùn wáyà mẹ́ta ti já, àwọn tó kù sì ti tẹ̀ kọrọdọ. Ó gé etí náà já pátápátá kí ẹlòmíràn má bàa gbé e lọ tà, ó sì jù ú sórí òkìtì táyà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.