Bí A Ṣe Ń Yọ Ìpinnu Jáde Nínú Ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí àwòrán ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù bá pọ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ó kọ́kọ́ tò ó. Ọ̀rọ̀ tó parí àwòrán kan ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lè ti sọnù.

Ọjọ́ ló ń dàrú jù. `Today` tí ẹ rí lókè, ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ni, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé a fẹ́ ra àpò kòkó l'Ákùúrẹ́ wá sí Ìta-Ògbólú. Lọ́jọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà 2025, ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Ọgọ́rùn-ún àpò tó, kí akápò rà á lọ́la." Èèyàn mẹ́fà fi àtàǹpàkò sí i. Ìpinnu kọ́ nìyẹn o; àtàǹpàkò lè jẹ́ "mo ti rí i" lásán. Ìgbà tí alága kọ ọ́ pé "a fara mọ́ ọn" ló tó di ìpinnu.

Ẹ má tíì kọ orúkọ akápò. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti fèsì: "Mi ò sí nílé, igbákejì mi á lọ l'Ọ́jọ́bọ̀." Igbákejì ní: "Mo gbọ́, màá lọ." Ohun tí a ó kọ sílẹ̀ ni: ọgọ́rùn-ún àpò, igbákejì akápò, Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà. Ká ní igbákejì dákẹ́ ni, a ó kọ ọ́ pé kò tíì sí ẹni tó gbà á.