Láti Orí Ibùsùn dé Balùwẹ̀: Bí A Ṣe Lè Dènà Ìṣubú Àwọn Àgbà Wa

Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúreje ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára wọn. Ohun tí wọ́n rí nípa ìṣubú ni pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbà mẹ́rin ló ti ṣubú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ kì í dé etí àwọn ọmọ. Àgbà a máa fi pamọ́ kí wọ́n má bàa ní kó kúrò nílé rẹ̀, àwọn mìíràn a sì gbà pé ọwọ́ ayé ni, wọn kò ní wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn tó gbé wọn ṣubú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ wà ní Èkó tàbí lókè òkun, tí ẹ sì fi òbí sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ní àwọn ìlú etí omi Ògùn Wọ́tásáìdì, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nígbà tí owó bá dé, ilé òbí ni a kọ́kọ́ máa ń tún ṣe. A ó fi táìlì dídán rọ́pò símẹ́ńtì, a ó ra ibùsùn gíga tó ní mátíràsì onínípọn, a ó tẹ́ rọ́ọ̀gì kékeré síwájú rẹ̀. Ẹ̀bùn ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti fi ogójì ọdún mọ símẹ́ńtì gbígbẹ kò mọ táìlì tí omi ọṣẹ dà sí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà. Ká ní ìyá ẹni ọdún 79 kan ń gbé ní Òkè-Sopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tó ń mú ni tọ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ó sì fi Pírítọ́nì kan lé e nítorí pé oorun kò tètè ń gbé e. Ní agogo méjì òru, ìtọ̀ jí i. Iná ti lọ. Ó yí ẹsẹ̀ sílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ nítorí gíga ibùsùn, ó bá fò sílẹ̀ díẹ̀. Bó ti dìde lẹ́ẹ̀kan náà ni òòyì kọ́ ọ. Ó fẹsẹ̀ wá sílípáàsì nínú òkùnkùn, ẹ̀yọ kan ló rí. Etí rọ́ọ̀gì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kò ṣubú. Ó dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, níbi tí bíríkìlà gbé ilẹ̀ sókè ní ínṣì méjì kí omi má bàa ṣàn jáde. Ó tẹ orí táìlì tútù, ẹsẹ̀ yọ̀, ó di irin ìfaṣọnù mú, irin náà sì já bọ́ lára ògiri.

Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó ní agbára láti dá a wó. Bí wọ́n ṣe pàdé nínú ìrìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló ṣe é. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká máa wá okùnfà kan. Kí a tẹ̀lé ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì yọ ohun tí a bá lè yọ.

Orí oògùn ni ẹ jẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ló jí ìyá yìí dìde, òun náà ló sì jẹ́ kí òòyì kọ́ ọ. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni àkókò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá lò ó lálẹ́ ti fi òru ṣe ìrìn àjò. Pírítọ́nì, tí a ń tà fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, a máa mú orí àgbà wúwo títí di ọjọ́ kejì, ó sì lè da iyè rẹ̀ rú. Fálíọ̀mù àti Lẹ́sótáànì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n a máa pẹ́ lára àgbà, wọn a sì sọ iṣan di aláìlágbára. Ẹ fi kún un pé àgbà kan náà lè gba oògùn kan lọ́wọ́ dókítà, kó tún ra òun kan náà ní kẹ́míìsì lábẹ́ orúkọ mìíràn, kó sì fi àgbo tí a fi ọtí rẹ lé e.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rọrùn. Kí ọmọ tó bá wá sílé kó gbogbo oògùn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú àpótí àti nínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì sínú àpò kan, pẹ̀lú ìgò àgbo, kí ó gbé e lọ bá dókítà tàbí apoògùn tó kọ́ṣẹ́, kí ó sì béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni èyí ń ṣe, ìgbà wo ni kí wọ́n lò ó, ṣé ó ṣì pọn dandan? Kí ó tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọn ìfúnpá nígbà méjì. Ìyá yóò dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn yóò wọ̀n ọ́n. Yóò dìde dúró, wọn yóò tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá wálẹ̀ láti 150 sí 124, ó ti fi 26 dínkù. Ohunkóhun tó bá tó 20 ní nọ́ńbà òkè, tàbí 10 ní nọ́ńbà ìsàlẹ̀, jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gun orí nígbà tó bá dìde. Ẹni tí a kò wọ̀n ju orí ìjókòó lọ, a kò lè mọ èyí nípa rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ̀, kí ó má sì gba oògùn oorun lọ́wọ́ àgbà lójijì. Ní ilẹ̀ Niu Sílándì, àwọn olùwádìí kan tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1999 fi ọ̀sẹ̀ 14 dín oògùn oorun àti irú rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún àwọn àgbà. Ìṣubú wọn dínkù ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìwádìí náà parí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tún padà sídìí oògùn. Ó ṣòroó fi sílẹ̀, ó sì sàn kí a má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bàtà àti oògùn tún so pọ̀ ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Amulodipíìnì, tí ọ̀pọ̀ àgbà wa ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa wú ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan. Bí ẹsẹ̀ bá wú, bàtà kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, ìyá á bá sọ sílípáàsì di bàtà gbogbo ìgbà. Sílípáàsì kò ní ohun tó di gìgísẹ̀ mú, nítorí náà ẹni tó wọ̀ ọ́ a máa fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ kó má bàa bọ́. Ìfàsẹ̀ yẹn ló ń kọ́ rọ́ọ̀gì. Bàtà tó yẹ nínú ilé ni èyí tó bo gìgísẹ̀, tí ó ní okùn tàbí ìdè tí a lè tú sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá wú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí kò nípọn, tí ó sì ní ìlà tó ń di ilẹ̀ mú. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀ àgbà fún bàtà. Kí ẹ má fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Ìbọ̀sẹ̀ lórí táìlì dà bí ọṣẹ.

Ní ti ilé, ọwọ́ káfíńtà àti bíríkìlà àdúgbò ló wà. Kí ìyá jókòó sí etí ibùsùn: bí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kò bá tẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ ibùsùn náà. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin wa, gíga ínṣì 18 láti ilẹ̀ dé orí mátíràsì tó. Kí a kó rọ́ọ̀gì kékeré kúrò. Kí a so iná sólà kékeré mọ́ orí ibùsùn, níbi tí ọwọ́ yóò ti kàn án kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, kí a sì fi ọ̀dà funfun kun etí ibi tí ilẹ̀ gbé ga lẹ́nu balùwẹ̀. Bí kò bá sí owó láti pààrọ̀ táìlì, rọ́bà tó ní ihò tó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáradára yóò ṣe é.

Irin ìdìmú ni iṣẹ́ tí a sábà máa ń bàjẹ́. Bulọ́ọ̀kù oníhò ni a fi mọ ọ̀pọ̀ ilé wa, ìṣó tí a bá sì kàn mọ́ ọn kò lè gba ìwọ̀n ènìyàn. Kí bíríkìlà fọ́ ojú bulọ́ọ̀kù náà, kí ó fi kọnkéré kún inú rẹ̀, kí ó ri ẹsẹ̀ irin náà sínú kọnkéré, kí ó sì jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kí géńdé ọkùnrin kan fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá mì, kò tíì yẹ fún ìyá.

Ní Ìwópin, Mákùn-Omi àti àwọn ìlú tó wà létí ọ̀sà, ìṣòro mìíràn wà: pákó èbúté tí omi ti sọ di aláwọ̀ ewé, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó jìnnà sí yàrá. Kí a máa ha pákó náà, kí a sì na okùn tàbí ọ̀pá ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Fún òru, ohun tí àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ ló ṣì dára jù, ìyẹn póò. Àmọ́, kí a má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Káfíńtà lè kan àga olọ́wọ́ tó ní ihò láàárín, kí póò wà lábẹ́ rẹ̀, kí àga náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ti di méjì.

Ó ku ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí Yunifásítì Òtágò ní Niu Sílándì gbé àbájáde ìdárayá inú ilé kan jáde, èyí tí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ẹni ọdún 80 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo ìwádìí wọn pọ̀ lẹ́yìn náà, ìdárayá yìí ti dín ìṣubú kù ní nǹkan bí ìdámẹ́ta. Dídìde lórí àga àti jíjókòó padà wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gígbé gìgísẹ̀ sókè, gbígbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àti fífi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì bí ẹni ń rìn lórí okùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ìrìn níta ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì wúwo ni kí ìyá dúró sí, kí ẹnì kan sì wà nítòsí. Bí kò bá lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan níwájú ìkejì, láìdi nǹkan mú, ewu ìṣubú wà. Bí ó bá ti rọrùn fún un láìdi nǹkan mú, kí ẹ jẹ́ kó ṣòro díẹ̀ sí i, nítorí ìdárayá tí kò mi ara rárá kò kọ́ ara ní ìdúró. Ẹsẹ̀ kì í lágbára ní ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù díẹ̀ ni, bí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró, agbára náà yóò lọ.

Bí àgbà bá ṣubú láìka gbogbo èyí sí, kí ẹ má ṣe fà á dìde kíákíá. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì dojú kọ ìta, ó ṣeé ṣe kí ọrùn egungun itan ti ṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òrí ra á tàbí kí ó nà á. Ẹ fi ìrọ̀rí há ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé e lórí pákó tàbí mátíràsì líle, kí ẹ sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti lè ya fọ́tò egungun, bí ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Ẹ mú àpò oògùn náà dání.