Èsúsú ní Kútọnu: Ẹni Tó Kọ́kọ́ Kó àti Ẹni Tó Kó Kẹ́yìn

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé èsúsú: àwọn ènìyàn ń dá iye kan náà, ẹnìkọ̀ọ̀kan a sì kó gbogbo rẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é ní Kútọnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọ́ńtìn ni ọ̀pọ̀ ń pè é níbẹ̀. Iye tí a dá la ó kó. Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn fi ń du ipò kìn-ín-ní?

Ẹ jẹ́ ká mú ènìyàn 10 tí ń dá 10,000 fránkì sẹ́fà lóṣooṣù, kí ẹni tó kàn kó 100,000. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ń ta aṣọ ní ọjà Dantọ́kpá, tí owó rẹ̀ sì ń mú èrè ìdá 2 nínú 100 wá lóṣù. Lọ́wọ́ rẹ̀, 10,000 òní yóò di 10,200 lóṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà, láti mọ ohun tí owó oṣù tó ń bọ̀ tó lónìí, a ó fi 1.02 pín in: 10,000 di 9,804. Bó bá ku oṣù méjì, a ó pín in lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ku mẹ́sàn-án, ìgbà mẹ́sàn-án.

Bí ó bá dá ti àkọ́kọ́ lónìí, tí a sì ṣe báyìí fún ìdá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, gbogbo ohun tó dá jẹ́ 91,622 ní iye tòní. Bó bá kọ́kọ́ kó, 100,000 ló gbà: ó jèrè 8,378. Bó bá kó kẹ́yìn, 100,000 náà kò ju 83,676 lọ, ó sì pàdánù 7,946. Ẹni karùn-ún ṣì jèrè díẹ̀. Láti orí ẹni kẹfà ni àdánù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ń jẹ gbèsè láìsan èlé, àwọn tó wà lẹ́yìn ló sì ń yá a.

Ṣùgbọ́n ìdá 2 yẹn kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí owó rẹ̀ ìbá kàn wà nínú àpótí kò pàdánù nǹkan kan bó bá kó kẹ́yìn. Kódà, bó bá jẹ́ alájọ tí ń gba owó ojoojúmọ́ kiri ló máa ń gbé e fún, alájọ a máa mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù. Èsúsú kì í mú un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó fi ipò iwájú sílẹ̀ fún oníṣòwò. Lójú tiwa, kèké tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣẹ́ láti pín ipò kò ka ìyàtọ̀ yìí sí rárá.

Ohun kan wà tí ìṣirò wa kò tíì kà: kí ẹni tó ti kó má dá mọ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sá, 90,000 ni ẹni ìkẹyìn yóò kó, èyí tó jẹ́ 75,308 lónìí. Ìdí nìyí tí àwọn olórí èsúsú kan fi ń fi ẹni tí wọn kò tíì mọ̀ dáadáa sẹ́yìn.