Bísápù Abijáàn: Bí a ṣe ń rẹ ìṣápá pupa tí kò fi ní korò, tí kò sì ní dùn jù

Ọ̀rọ̀ tòní wà fún ẹni tó gbin ìṣápá pupa, tàbí tó ń rà á ní gbígbẹ láti fi ṣe ohun mímu tútù. Sóbò là ń pè é ní Nàìjíríà. Ní Abijáàn, bísápù ni orúkọ rẹ̀, èdè Wólófù ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n sì ti mú orúkọ náà. Ẹni tó bá ti dé ọjà Ajamé tàbí Tirẹṣifíìlì, níbi tí àwọn èèyàn wa láti Ejìgbò ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́, á ti rí i nínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ta ní kókó, tàbí nínú ìgò, kó tutù nini. Ẹlòmíràn á fi eyín ya igun ọ̀rá náà, á sì máa fà á mu bó ṣe ń lọ.

Bísápù wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí sóbò tiwa. Àwa fẹ́ràn atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó nínú rẹ̀. Ní Abijáàn, ewé míńtì àti ṣúgà olóòórùn fànílà ló wọ́pọ̀. Atalẹ̀ ní ohun mímu tirẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní nyamakúji: “nyamaku” ni atalẹ̀ lédè Diúlà, “ji” sì ni omi. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹ má pa méjèèjì pọ̀, a ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rẹ. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní òdòdó yẹn kì í ṣe òdòdó gan-an. Òdòdó rẹ̀ máa ń là láàárọ̀, á sì rọ láàárín ọjọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èèpo tó gbé òdòdó náà dání á wú, á nípọn, á pọ́n, á sì bo àpò kóró mọ́lẹ̀. Èèpo yìí là ń ká, tí a ń yọ àpò kóró kúrò nínú rẹ̀, tí a sì ń sá. Inú rẹ̀ ni kíkan àti àwọ̀ pupa náà wà. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ lórí igi títí àpò kóró fi gbẹ, èèpo náà á ti le, adùn rẹ̀ á sì ti dínkù kó tó dé inú omi.

Púpọ̀ nínú àléébù tí àwọn èèyàn ń rí nínú ife ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti sá a. Èyí tí wọ́n sá sílẹ̀ tàbí sẹ́bàá ọ̀nà á kó iyanrìn. Èyí tó pẹ́ jù nínú oòrùn gangan á ṣá, á di àwọ̀ ilẹ̀. Èyí tí kò gbẹ tán á bu nínú àpò, pàápàá nílùú bí Abijáàn tó wà létí òkun, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún omi. Kí ẹ tó ra púpọ̀ tàbí kí ẹ tó rẹ púpọ̀, ẹ ju bíi márùn-ún sínú ife omi tútù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó yẹ kí àwọ̀ pupa tó mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí omi náà bá pọ́n bí omi ìpata, ó ti pẹ́ tàbí oòrùn ti bà á jẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ife náà fún iyanrìn, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀: bí ó bá ń rùn bí aṣọ tó tutù mọ́jú nínú apẹ̀rẹ̀, ẹ má lò ó.

Ó wá kan rírẹ̀ náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a gbé ìṣápá ka iná, kí ó máa hó fún wákàtí kan bí ẹni ń se àgbo. Ìṣápá kò nílò bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ àti kíkan rẹ̀ máa ń yára jáde sínú omi, kódà omi tútù. Bí ó bá pẹ́ lórí iná, ohun tó ń gún ahọ́n tó wà nínú rẹ̀ á tú jáde pẹ̀lú, àwọ̀ pupa rẹ̀ tó ń tàn á di pípọ́n ráúráú, òórùn rẹ̀ tó dà bíi ti èso á sì bá ooru lọ. Ìgbà yẹn ni èèyàn á wá máa da ṣúgà lé ṣúgà, tí kíkorò náà ò sì ní lọ tán.

Atalẹ̀ àti kànáfùrù ló nílò iná. Nítorí náà, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi gíráàmù 100 ìṣápá gbígbẹ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lálẹ́, ẹ se lítà méjì ààbọ̀ omi kó hó, kí ẹ sì dé e títí yóò fi tutù. Ẹ ṣa ìṣápá náà, ẹ yọ igi àti kóró kúrò, ẹ dà á sínú asẹ́, kí ẹ da omi lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, kíákíá. Ẹ má rẹ ẹ sínú omi fífọ̀, torí àwọ̀ rẹ̀ á bá omi ìdọ̀tí lọ. Ẹ wá kó o sínú omi tó ti tutù náà, nínú ike tó mọ́, ìgò fífẹ̀ tàbí abọ́ tánganran. Ìkòkò alumíníọ́mù àti irin tó ń dípatà kò dára fún un. Kíkan ìṣápá lágbára bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì máa ń jẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Omi náà á ṣókùnkùn, á sì máa tọ́ irin lẹ́nu. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì di àárọ̀, bíi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Láàárọ̀, ẹ gún tàbí kí ẹ rẹ́ atalẹ̀ tútù méjì tó tó àtàǹpàkò, ẹ kó o sínú ìdajì lítà omi pẹ̀lú kànáfùrù mẹ́rin péré, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní mẹ́rin, ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀kúnwọ́. Kànáfùrù kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bó bá pọ̀, tàbí tó bá sùn mọ́jú nínú omi, òun nìkan lẹnu á máa gbọ́. Ẹ sẹ́ omi yìí, kí ẹ sì da èérí rẹ̀ nù.

Ẹ wá fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tó mọ́ sẹ́ omi ìṣápá. Ẹ fún un, àmọ́ kí ẹ má fún un bí ẹni ń fún gààrí, torí ìgbẹ̀yìn omi rẹ̀ ló ń gún ahọ́n jù. Ẹ da omi atalẹ̀ mọ́ ọn. Ìṣápá gbígbẹ máa ń mu omi, nítorí náà lítà mẹ́ta tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ á di nǹkan bíi lítà méjì ààbọ̀.

Ṣúgà ni ibi tí ọwọ́ ti máa ń yọ̀. Bí ohun mímu ṣe ń tutù ni ahọ́n wa ń gbọ́ adùn rẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí tó dùn gẹ́lẹ́ nígbà tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á dà bíi pé ó kan nígbà tó bá tutù nini. Nítorí náà, ẹ má fi èyí tó gbóná dájọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 250, ìyẹn bíi ogún síbí ìjẹun tí kò ga lórí. Ẹ bù díẹ̀ sínú ife, ẹ gbé e sínú yìnyín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá ṣì ń mú yín di ojú, ẹ fi síbí méjì kún un, kí ẹ tún tọ́ ọ wò. Ibi tí kíkan bá ti kọ́kọ́ kan ahọ́n, tí adùn sì tẹ̀lé e, ni kí ẹ ti dúró. Bó bá jẹ́ adùn ló kọ́kọ́ dé, ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó máa da yìnyín sínú ife kí ó ṣe é kó le díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí yìnyín á yọ́ sínú rẹ̀. Omi tó mọ́ ni kí ẹ sì fi ṣe yìnyín náà. Omi kànga tí wọ́n fi di yìnyín ṣì ni omi kànga.

Ẹnìkan lè ní òun á fi kánún pa kíkan rẹ̀, kí ṣúgà má baà pọ̀. Ẹ má dán an wò. Kíkan yẹn ló gbé àwọ̀ pupa náà dúró. Kánún bíńtín á sọ ọ́ di elésè àlùkò, bó bá sì pọ̀ sí i á di aláwọ̀ aró. Omi ni kí ẹ bù sí i bó bá kan jù.

Bó bá jẹ́ ti ilé nìkan, ẹ ti ṣe tán, ó ku míńtì. Bó bá jẹ́ ti títà, ẹ tún gbé e ka iná lẹ́yìn tí ṣúgà ti wọ̀ ọ́, nínú ìkòkò irin tí kì í dípatà, títí ooru rẹ̀ á fi máa rú, tí ìfóòfó wẹ́wẹ́ á sì yí etí ìkòkò ká. Kí ó tó hó, ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ dé e, kí ẹ sì tètè mú kó tutù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí kò tó láti ba adùn rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń pa ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti ara ìṣápá tó ń mú kó bàjẹ́. Nígbà tó bá ti tutù ni kí ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ tẹ ewé míńtì bíi mẹ́wàá tí ẹ ti fi omi tó hó tó sì tutù ṣàn dáadáa, kí ẹ jù ú sínú rẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sì yọ ọ́. Bó bá kan iná tàbí tó bá sùn síbẹ̀, á ṣú, á sì korò. Ṣúgà fànílà ló kẹ́yìn, síbí kékeré kan péré.

Kíkan ìṣápá ń dí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í dí irú ìwúkàrà tó ń mú kí ẹmu máa ru lọ́wọ́. Inú ṣúgà ni ìyẹn ti ń jẹun. Níta, nínú ooru Abijáàn, ohun mímu tí wọ́n pò láàárọ̀ lè ti yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ọ̀rá tí wọ́n ta á wú, ìgò á ṣe “pọ̀ọ̀” bí ẹ bá ṣí i, ìfóòfó á wà lójú rẹ̀, òórùn ẹmu á sì máa jáde. Ẹ dà á nù, ẹ má gbé e padà sórí iná kí ẹ tún fi ṣúgà bò ó. Nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í lọ, èmi ò ní tà á kọjá ọjọ́ mẹ́ta.

Ìṣápá lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ di ohun tó ń mu lójoojúmọ́, kí aboyún náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù ní gbígbẹ, ẹ dì í sínú ike tó ní ọmọrí tó le, kí ẹ gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn tí kò gbóná, kí ẹ má sì gbé e sílẹ̀ lásán. Lóṣooṣù, ẹ mú díẹ̀ jáde kí ẹ fi ọwọ́ fún un: bó bá ṣì ń dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, ó wà dáadáa, bó bá ti rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ tún un sá lórí àtíbàbà tó ga nílẹ̀, lábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó tó bu.